Họ́ọ̀sì Mélòó Ni Éésì Yìí? Ohun Tí Àwòrán Apá Inú àti Apá Ìta Lè Sọ fún Wa

Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti ra éésì tòkunbọ̀ lórí fóònù rí mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń lọ. Oníṣòwò á fi àwòrán méjì ránṣẹ́: ọ̀kan ti apá inú tó wà lára ògiri, ọ̀kan ti apá ìta tó jókòó sórí irin. Á wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé, "Họ́ọ̀sì méjì ni, ó ń tutù gan-an." Oníbàárà á fi àwòrán náà han ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ní Dubai, ẹ̀gbọ́n á ní tọ́ọ̀nù ni àwọn fi ń ka éésì lọ́dọ̀ tàwọn, pé ẹ̀rọ yìí á tó tọ́ọ̀nù kan àbọ̀. Oníṣẹ́ éésì àdúgbò á wo àwòrán kan náà, á sì ní kò lè ju họ́ọ̀sì kan àbọ̀ lọ lójú tòun. Ẹni mẹ́ta ti sọ̀rọ̀, oníbàárà kò sì tíì mọ ohun tó fẹ́ fowó rà.

Ohun tó da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé orúkọ ìwọ̀n méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pè, àti pé ibi tí kò sí ìdáhùn lára ẹ̀rọ náà ni wọ́n ń wò. Èmi yóò kọ́kọ́ sọ ohun tí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan jẹ́, kí n tó wá bọ́ sórí àwòrán.

Kí ni à ń wá nínú àwòrán náà gan-an?

Ohun méjì ni à ń wá: orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà, àti agbára ìtutù rẹ̀. Agbára ìtutù ni iye ooru tí ẹ̀rọ amúlétutù lè kó kúrò nínú yàrá láàárín wákàtí kan. Àwọn iléeṣẹ́ máa ń fi BTU/h tàbí kílówáàtì, ìyẹn kW, kọ ọ́ sára ẹ̀rọ. Ohun kan náà ni ìwọ̀n méjèèjì ń sọ; kílówáàtì kan jẹ́ nǹkan bíi BTU/h 3,412.

Éésì tó wọ́pọ̀ nílé wa pín sí apá méjì. Apá inú ni ibi tí fáànù ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ yàrá gba ara páìpù tútù kọjá. Apá ìta ni ibi tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ wà, òun ló ń fún gáàsì mọ́ra tó sì ń tì í yí ká, tí fáànù ńlá sì ń fẹ́ ooru yàrá dà sí ìta. Nítorí pé ọwọ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ni iṣẹ́ títi gáàsì wà, bí apá méjèèjì kò bá bára mu, agbára apá ìta ni ó sábà máa ń pinnu bí yàrá yóò ṣe tutù tó. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé apá inú nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń béèrè àwòrán rẹ̀.

Họ́ọ̀sì ńkọ́, kí ló dé tí kò fi bá tọ́ọ̀nù mu?

Họ́ọ̀sì kì í ṣe ìwọ̀n òtútù rárá. Agbára mọ́tò ni wọ́n ń fi í wọ̀n, họ́ọ̀sì kan sì jẹ́ wáàtì 746. Kí a máa fi họ́ọ̀sì ka éésì dà bí ìgbà tí ènìyàn ń fi iye epo tí dánfó ń mu sọ iye èrò tó lè gbé: àwọn méjèèjì fara kọ́ra lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tuntun àti ẹ́ńjìnnì ògbólógbòó kò ní mu epo kan náà lórí èrò kan náà. Láyé àtijọ́ ni àwọn oníṣòwò ti so agbára mọ́tò éésì pọ̀ mọ́ òtútù tó ń mú wá, orúkọ náà kò sì kúrò lẹ́nu mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná tí éésì kan ń jẹ kó tó ṣe iṣẹ́ kan náà yàtọ̀ sí ti òmíràn.

Ní ọjà Nàìjíríà, ẹ̀rọ 9,000 ni à ń pè ní họ́ọ̀sì kan, 12,000 ni họ́ọ̀sì kan àbọ̀, 18,000 sì ni họ́ọ̀sì méjì. Ẹni tó bá mọ ìṣirò á ti rí i pé kò gún: bí họ́ọ̀sì kan bá jẹ́ 9,000, ó yẹ kí kan àbọ̀ jẹ́ 13,500, kì í ṣe 12,000. Nígbà tí a bá wá dé orí 24,000, àwọn kan á pè é ní họ́ọ̀sì méjì àbọ̀, àwọn mìíràn á pè é ní mẹ́ta. Orúkọ ọjà ni họ́ọ̀sì, kì í ṣe òdiwọ̀n tí a lè gbé ẹjọ́ lé lórí.

Tọ́ọ̀nù ní tirẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n gidi. Tọ́ọ̀nù kan jẹ́ BTU/h 12,000 géérégé, láti inú iye ooru tó lè yọ́ yìnyín tọ́ọ̀nù kan láàárín ọjọ́ kan ni wọ́n sì ti mú un. Ẹ wá wo ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀: éésì tọ́ọ̀nù kan ni à ń pè ní họ́ọ̀sì kan àbọ̀ níbí, éésì tọ́ọ̀nù kan àbọ̀ sì ni à ń pè ní họ́ọ̀sì méjì. Ẹni tó bá gbọ́ "kan àbọ̀" lẹ́nu ará Íńdíà tàbí ará Dubai, 18,000 ló gbọ́; bó bá gbọ́ ọ lẹ́nu oníṣòwò Alaba, 12,000 ni. Ẹ̀gbọ́n tó wà ní Dubai àti oníṣòwò tó pe ẹ̀rọ náà ní họ́ọ̀sì méjì kò ta kora wọn rárá. Oníṣẹ́ éésì nìkan ló yàtọ̀, a ó sì rí i níwájú pé ó lè jẹ́ òun ló tọ̀nà.

Ṣé ojú ẹ̀rọ kò tó láti fi mọ̀ ọ́n?

Kò tó. Orúkọ tó wà lójú apá inú lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n orí pátákó ike kan tí ènìyàn lè já kúrò láìlo irinṣẹ́ kankan ni ó wà. Níbi tí wọ́n ti ń tún éésì àlòkù ṣe, pátákó tó ti fọ́ ni wọ́n ń fi ti ẹ̀rọ mìíràn rọ́pò, orúkọ orí rẹ̀ sì ń bá a lọ. Ìrísí pàápàá kì í ṣe ẹ̀rí tó lágbára, nítorí pé àwọn iléeṣẹ́ ńlá ní Ṣáínà, irú bíi Midea, Gree àti TCL, máa ń ṣe éésì fún àwọn tó ń tà á lórúkọ tiwọn. Ìdí nìyẹn tí éésì méjì tí orúkọ wọn yàtọ̀ fi lè ní ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde kan náà, ike kan náà, àti rìmóòtù kan náà pàápàá. Bẹ́ẹ̀ sì ni iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ń pààrọ̀ ìrísí ẹ̀rọ rẹ̀ láti ọdún dé ọdún.

Nọ́ńbà tó ń tàn lójú éésì tún máa ń tan ènìyàn jẹ. Mo ti rí ẹni tó fi ìdánilójú sọ pé ẹ̀rọ òun jẹ́ 18 nítorí pé 18 ni ó rí nínú àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i. Ìwọ̀n òtútù tí wọ́n fi rìmóòtù yàn ni nọ́ńbà yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ rìmóòtù náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà, "24" ni àwòrán kejì yóò máa sọ.

Títóbi ẹ̀rọ ń sọ nǹkan díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́ tán. Àwọn iléeṣẹ́ kì í ṣe ike tuntun fún agbára kọ̀ọ̀kan. Fún àpẹẹrẹ, nínú àwọn éésì ínfátà LG kan tó wọ́pọ̀, ìyẹn àwọn tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ wọn lè dín eré kù tàbí kó fi kún un, apá inú tó jẹ́ 9,000 àti èyí tó jẹ́ 12,000 jọ wà nínú ike kan náà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 837, nígbà tí 18,000 àti 24,000 jọ wà nínú èyí tó jẹ́ mìlímítà 998. Àwòrán lè jẹ́ kí a mọ̀ pé ẹ̀rọ kan wà lára àwọn kékeré tàbí lára àwọn ńlá. Láti mọ èwo nínú méjì, ó di inú lébẹ́ẹ̀lì.

Ibo ni lébẹ́ẹ̀lì wà, báwo sì ni a ṣe ń ya á?

Lébẹ́ẹ̀lì ni ìwé pẹlẹbẹ tí iléeṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ara apá kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n tẹ orúkọ iléeṣẹ́, módẹ́ẹ̀lì, agbára ìtutù, iná tó ń jẹ àti irú gáàsì sí. Lára apá inú, ẹ máa wo ẹ̀gbẹ́, pàápàá ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, tàbí abẹ́ rẹ̀, èyí tí ènìyàn lè rí bó bá dúró sábẹ́ ẹ̀rọ tó sì gbójú sókè. Lára apá ìta, ẹ̀gbẹ́ tí páìpù bàbà ti ń wọlé ni ó sábà máa ń wà. Bí ènìyàn bá dúró kọjú sí fáànù, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni. Sítíkà aláràbarà tó wà níwájú, tó ń polówó ínfátà àti àwọn ìràwọ̀, kì í ṣe lébẹ́ẹ̀lì tí mò ń sọ.

Ẹ sọ fún oníṣòwò pé kí ó ya àwòrán méjì fún lébẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Kí ó ya ọ̀kan láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀, tí a ó fi rí lébẹ́ẹ̀lì náà lára ẹ̀rọ tó wà, kí ó sì ya èkejì nítòsí tí a ó fi lè ka gbogbo ìlà. Ẹni tó bá fi èyí tó súnmọ́ nìkan ránṣẹ́ lè ti yà á lára ẹ̀rọ ẹlòmíràn, tàbí kó ti rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kí ó fi àkísà tútù rọra nu erùpẹ̀ kúrò, kí ó má fi kànrìnkàn ha á, nítorí pé tàdáwà lébẹ́ẹ̀lì tí òòrùn ti pa fún ọdún mélòó kan tètè máa ń bó. Kí ó má tan iná kámẹ́rà sí i tààrà, nítorí pé lébẹ́ẹ̀lì náà ń dán, iná á sì bo nọ́ńbà tí à ń wá gan-an mọ́lẹ̀. Kí ó yí kámẹ́rà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bó bá jẹ́ pé orí WhatsApp ni yóò ti fi ránṣẹ́, kí ó fi ránṣẹ́ bíi fáìlì, nítorí pé WhatsApp máa ń fún àwòrán pọ̀ kó tó gbé e lọ, 8 á sì di B, 5 á di S mọ́ni lójú.

Ewu kan tún wà lápá ìta. Bí oníṣòwò bá ṣí ara ẹ̀rọ, tó ya àwòrán kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀, orúkọ mìíràn ni a ó rí níbẹ̀: GMCC, Highly tàbí Landa. Àwọn tó ṣe kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ nìyẹn, kì í ṣe orúkọ éésì. GMCC jẹ́ ti Midea, Landa jẹ́ ti Gree, ṣùgbọ́n a lè bá èyíkéyìí nínú wọn nínú éésì tí orúkọ mìíràn wà lára rẹ̀, kò sì sí àbùkù kankan nínú ìyẹn.

Kí ni módẹ́ẹ̀lì ń sọ?

Ìlà tí wọ́n kọ "Model" sí ni kí a kọ́kọ́ wá. Lẹ́tà àti nọ́ńbà ni wọ́n lọ́ mọ́ra wọn níbẹ̀, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń tò ó, ẹni tó bá sì mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó á mọ orúkọ iléeṣẹ́ bí pátákó iwájú tilẹ̀ ti sọnù.

Ti Panasonic rọrùn jù lọ láti kà. CS ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ módẹ́ẹ̀lì apá inú, CU ni ti apá ìta, nọ́ńbà tó bá sì tẹ̀ lé àwọn lẹ́tà tó kàn ni agbára: CS-PC12 àti CU-PC12 jẹ́ inú àti ìta ẹ̀rọ 12,000. LG máa ń fi N sí ti inú, U sí ti ìta, bíi S4NQ12 àti S4UQ12. Samsung ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú AR, nọ́ńbà agbára sì tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀: AR09, AR12, AR18. Haier, tí a mọ̀ sí Haier Thermocool ní Nàìjíríà, ní HSU-09, HSU-12 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Gree ń lo GWC fún èyí tó ń tutù nìkan, GWH fún èyí tó lè mú yàrá gbóná pẹ̀lú. Nínú gbogbo èyí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún BTU/h ni nọ́ńbà náà ń kà: 09 jẹ́ 9,000, 18 jẹ́ 18,000.

Ibi tí ó ti le ni ti àwọn tó ń fi kílówáàtì kà á. Daikin kọ 35 sí FTXS35 ti inú àti RXS35 ti ìta, Mitsubishi Electric sì kọ ọ́ sí MSZ-AP35 àti MUZ-AP35. Ọgọ́rùn-ún wáàtì ni nọ́ńbà yìí ń kà: 35 jẹ́ wáàtì 3,500, ìyẹn nǹkan bíi 12,000 BTU/h, họ́ọ̀sì kan àbọ̀ tiwa. Èyí tí wọ́n ń tà fún ará Ṣáínà fúnra wọn náà ń lo ìlànà yìí. KFR-35GW jẹ́ 3,500 wáàtì.

Ẹ wá fi 24 wé 25. Lórí módẹ́ẹ̀lì tó ń ka BTU/h, 24 jẹ́ 24,000, ẹ̀rọ tó lè mú pálọ̀ ńlá tutù. Lórí módẹ́ẹ̀lì tó ń ka wáàtì, 25 jẹ́ kílówáàtì 2.5, ẹ̀rọ yàrá kékeré tí kò tilẹ̀ pé 9,000. Nọ́ńbà méjì tó tẹ̀ léra, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta èkejì. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ta 25 tòkunbọ̀ fún ẹni tó ń wá 24, tí olùtajà pàápàá kò sì mọ̀ pé òun ń ṣèrú. Òfin tí mo ń lò rọrùn: bí nọ́ńbà bá jẹ́ 07, 09, 12, 18 tàbí 24, BTU/h ni, bó bá jẹ́ 20, 25, 35, 50, 60 tàbí 71, wáàtì ni.

Kì í sì í ṣe gbogbo nọ́ńbà inú módẹ́ẹ̀lì ni agbára. Carrier ń fi 42 bẹ̀rẹ̀ ti inú, ó ń fi 38 bẹ̀rẹ̀ ti ìta. Nínú 42QHC012, 012 tó wà lẹ́yìn ni agbára, 42 kàn ń sọ fún wa pé inú ilé ni ẹ̀rọ náà ń gbé. Ẹni tó bá yára ka nọ́ńbà àkọ́kọ́ á rò pé òun ti rí éésì tó lè mú ilé ìjọsìn tutù.

Èwo nínú àwọn nọ́ńbà yòókù ni agbára ìtutù?

Lẹ́yìn módẹ́ẹ̀lì, ìlà tí wọ́n kọ "Cooling Capacity" sí ni kí a kà, òun ló sì yẹ kí ó jẹ́rìí sí módẹ́ẹ̀lì. Àwọn ìlà mìíràn wà nítòsí rẹ̀ tí wọ́n jọ ọ́. "Heating Capacity" ni iye ooru tí ẹ̀rọ lè mú wọ yàrá, ó sì sábà máa ń ju ti òtútù lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n kó wá láti ilẹ̀ òtútù ló máa ń ní in, kò sì wúlò fún ẹni tó ń gbé ní Ìbàdàn. "Rated Input" ni iná tó ń jẹ, kì í ṣe òtútù tó ń mú wá. "Max Input" ni èyí tó lè jẹ jù lọ nígbà tí ooru bá pọ̀ lápọ̀jù, nítorí náà ó máa ń ga ju ti iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Lórí éésì ínfátà, ìlà agbára ìtutù lè ní nọ́ńbà mẹ́ta, kékeré, àárín àti ńlá, nítorí pé kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ lè rọra sáré, ó sì lè sáré gan-an. Èyí tí wọ́n pè ní "Rated", tó sábà máa ń wà láàárín tàbí níwájú àkámọ́, ni a ń kà. Oníṣòwò tó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ tóbi lójú á ka èyí tó pọ̀ jù.

Ọ̀nà kan wà tí a fi lè mọ̀ bóyá ìlà tó tọ́ ni a kà. Ẹ mú agbára ìtutù ní wáàtì, ẹ fi iná tó ń jẹ pín in. Fún éésì tí kì í ṣe ínfátà, nǹkan bíi 3 ló yẹ kí ó jáde. Bí lébẹ́ẹ̀lì bá sọ pé 3,517 W ni òtútù, 1,090 W sì ni iná, a ó rí 3.2, ọ̀rọ̀ náà bára mu. Bí ohun tí a rí kò bá tó 2, ó ṣeé ṣe kí a ti ka "Max Input" mọ́ ọn, tàbí kí nọ́ńbà kan ti yí padà nínú àwòrán tí kò mọ́.

Bí lébẹ́ẹ̀lì bá ti ṣá ńkọ́?

Òòrùn àti òjò máa ń jẹ lébẹ́ẹ̀lì apá ìta. Nígbà náà, àwọn àmì kan wà tí a lè fi fojú bù ú, kì í ṣe pé a ó fi búra.

Èkíní ni páìpù bàbà. Méjì ni wọ́n, tínínrín kan àti ńlá kan. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ 9,000 àti 12,000, èyí tó tóbi jẹ́ ínṣì 3/8, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn 12,000 kan ń lo 1/2. Lára 18,000, ó sábà máa ń jẹ́ 1/2, ó sì máa ń di 5/8 lára 24,000. Ẹ ní kí oníṣòwò ya ẹ̀gbẹ́ tí páìpù ti wọ apá ìta láìsí aṣọ dúdú tí wọ́n fi wé e.

Èkejì ni fífẹ̀ apá inú. A lè wọ̀n ọ́n nínú àwòrán bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá wà lára ògiri kan náà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́nu kan onígun mẹ́rin irú ti Gẹ̀ẹ́sì tí à ń lò ní Nàìjíríà jẹ́ mìlímítà 86 ní fífẹ̀. Ẹ fi rúlà wọn sọ́kẹ́ẹ̀tì àti éésì lórí ojú fóònù, ẹ wo iye sọ́kẹ́ẹ̀tì tí éésì gbà, ẹ sì fi 86 sọ ọ́ di púpọ̀. Bó bá gbà sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án àti díẹ̀, mìlímítà bíi 800 ni, ó wà lára àwọn kékeré. Bó bá lé ní mọ́kànlá, ó ti ń súnmọ́ 1,000, ó wà lára àwọn ńlá. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé iwájú gan-an ni wọ́n ti ya àwòrán náà. Bí wọ́n bá dúró sábẹ́ tàbí sí ẹ̀gbẹ́, ìṣirò náà á yẹ̀. Apá inú fúnra rẹ̀ tún yọ síta ju ògiri lọ, nítorí náà á máa fẹ̀ díẹ̀ sí i lójú kámẹ́rà.

Ẹ̀rọ kan tí inú rẹ̀ jẹ́ 18, tí ìta rẹ̀ jẹ́ 12

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ oníbàárà wa, kí a sì fi módẹ́ẹ̀lì Panasonic ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó rọrùn láti kà. Ó ti béèrè àwòrán tó péye, mẹ́rin sì ti dé.

Àkọ́kọ́ fi ojú apá inú hàn, ó mọ́, ó sì fẹ̀. Èkejì ni lébẹ́ẹ̀lì abẹ́ rẹ̀: CS-PC18, agbára ìtutù tó lé díẹ̀ ní kílówáàtì 5, gáàsì R22. Bí a bá dúró níbí, họ́ọ̀sì méjì ni lóòótọ́, ọ̀rọ̀ oníṣòwò àti ti ẹ̀gbọ́n Dubai sì ti fìdí múlẹ̀.

Àwòrán kẹta ni lébẹ́ẹ̀lì apá ìta. CU ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n 12 ló tẹ̀ lé e, agbára ìtutù rẹ̀ jẹ́ kílówáàtì 3.5, iná tó ń jẹ sì jẹ́ nǹkan bíi wáàtì 1,100. Àwòrán kẹrin, ti ẹ̀gbẹ́ tí páìpù ti wọlé, jẹ́rìí sí i: páìpù ńlá tó ń bọ̀ láti inú ilé nípọn, ó kù díẹ̀ kó dé ara ẹ̀rọ ló ṣàdédé tínínrín, ojú ibi tí wọ́n ti fi iná jó o pọ̀ sì dúdú kanlẹ̀. Iléeṣẹ́ kì í so páìpù báyìí. Ẹnì kan ló mú inú ẹ̀rọ kan, ó sì so ó mọ́ ìta ẹ̀rọ mìíràn.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ á tan, afẹ́fẹ́ tútù á sì máa jáde, ìdí nìyí tí oníṣòwò fi lè fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ láìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ 12,000 ló ń ti gáàsì, kò sì sí bí apá inú ṣe tóbi tó tó lè sọ ọ́ di 18,000. Ní ọ̀sán gangan, nínú yàrá tó nílò họ́ọ̀sì méjì, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ náà á máa ṣiṣẹ́ láìsinmi, yàrá kò sì ní dé ibi tí wọ́n fi rìmóòtù sí. Oníṣẹ́ éésì àdúgbò ló tọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé títóbi apá ìta nìkan ló fi mọ̀ ọ́n.

Bó bá jẹ́ òdìkejì rẹ̀ ni, tí inú jẹ́ 12 tí ìta sì jẹ́ 18, wàhálà mìíràn ni yóò yọrí sí. Apá inú kò ní lè gba gbogbo ohun tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ń fà, páìpù rẹ̀ á di yìnyín, gáàsì tí kò tíì gbẹ á sì lè padà wọ inú kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, kó sì bà á jẹ́. Bí ìlà gáàsì lórí lébẹ́ẹ̀lì méjèèjì kò bá sì dọ́gba, tí inú sọ R22 tí ìta sọ R410A, kí oníbàárà má tilẹ̀ dúnàádúrà mọ́. Agbára tí gáàsì R410A fi ń ti ara páìpù ga ju ti R22 lọ ní nǹkan bí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, wọn kò sì ṣe páìpù apá inú ti R22 fún irú agbára bẹ́ẹ̀.

Nípa ti ẹ̀rọ tó wà níwájú wa yìí, gáàsì rẹ̀ bára mu, ìpalára kò sì sí nínú rírà á fún yàrá kékeré. Iye owó éésì họ́ọ̀sì kan àbọ̀ ni kí oníbàárà san, kí ó sì yọ owó ibi tí wọ́n jó pọ̀ yẹn kúrò, nítorí pé ibẹ̀ ni gáàsì yóò ti kọ́kọ́ máa jò.